Ọ̀nà Wo Ni Kí Àgbàdo Wa Gbà? Bí a ṣe ń fi owó àbámọ̀ pín ẹrù



Ẹgbẹ́ tó ní àká kan ṣoṣo, tó sì ń tà fún ìlú kan ṣoṣo, kò ní wàhálà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Yóò kó ẹrù, yóò san owó, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ní àká mẹ́ta, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sì wà ní ìlú mẹ́ta, ìbéèrè kan yóò dìde: àpò mélòó ni yóò kúrò ní àká wo, tí yóò sì lọ sí ìlú wo?

Owó ọkọ̀ kì í dọ́gba. Ọ̀nà kan lè gba 300 sẹ́fà lórí àpò kan, kí òmíràn gba 1500. Nítorí náà, ẹrù kan náà, àwọn oníbàárà kan náà, owó ọkọ̀ lè yàtọ̀ gan-an bí a bá ṣe pín in.

Ọ̀nà méjì ni a máa fi pín ẹrù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nínú èkíní, ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù la kọ́kọ́ ń mú. Nínú èkejì, owó tí a ó pàdánù bí ọ̀nà tó dára bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ la kọ́kọ́ ń wò. A ó ṣe méjèèjì lórí ẹrù kan náà, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ìyàtọ̀.

Ẹrù tí a ní àti ẹrù tí wọ́n fẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní àpò àgbàdo 120. Àpò 40 wà ní àká Kétu, 50 wà ní Sakété, 30 wà ní Ìfọ̀nyìn.

Àwọn oníbàárà ti sọ iye tí wọ́n fẹ́. Pobẹ̀ fẹ́ àpò 45, Àjàṣẹ́ fẹ́ 40, Bohikọn fẹ́ 35. Ẹ ro ó pọ̀: 45, 40 àti 35 jẹ́ 120. Ohun tí a ní àti ohun tí wọ́n fẹ́ dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ béèrè iye tí awakọ̀ yóò gbà lórí àpò kan ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú àtẹ báyìí:

| | Pobẹ̀ (45) | Àjàṣẹ́ (40) | Bohikọn (35) |
|---|---|---|---|
| Kétu (40) | 300 | 700 | 800 |
| Sakété (50) | 400 | 350 | 1500 |
| Ìfọ̀nyìn (30) | 600 | 450 | 1600 |

Ìlà tó lọ ní ìbú jẹ́ ti àká. Ìlà tó wálẹ̀ ní òró jẹ́ ti ìlú oníbàárà. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni a ń pè ní yàrá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ owó ọkọ̀ láti Sakété sí Àjàṣẹ́, ẹ wo ìlà Sakété, ẹ wo ìlà Àjàṣẹ́, yàrá tí wọ́n ti pàdé sọ pé 350.

A fi àwọn owó yìí ṣe àpẹẹrẹ ni. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ti yín, ẹ kọ iye tí àwọn awakọ̀ yín bá dá. Ẹ má fi bí ọ̀nà ṣe jìn tó ṣírò owó rẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ọjà wá sí Kétu, tí kò rí ẹrù kó padà, lè gba owó díẹ̀ láti kó àgbàdo lọ sí Pobẹ̀, nítorí awakọ̀ kò fẹ́ padà lófo. Ṣùgbọ́n Bohikọn wà ní òdìkejì odò Wẹmẹ. Ọkọ̀ tó bá ti Sakété tàbí Ìfọ̀nyìn lọ síbẹ̀ yóò rìn jìnnà, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga nínú àtẹ wa.

Ọ̀nà kìíní: ẹ mú owó tó kéré jù

Ọ̀nà yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni. A ó wá yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo àtẹ. A ó kó ẹrù tó bá lè gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà a ó wá yàrá tó tẹ̀ lé e, títí ẹrù yóò fi tán.

Owó tó kéré jù ni 300, láti Kétu sí Pobẹ̀. Kétu ní àpò 40, Pobẹ̀ fẹ́ 45. A kó gbogbo 40 lọ. Àká Kétu ti ṣófo. Ó ku àpò 5 tí Pobẹ̀ ṣì ń retí.

Owó tó tẹ̀ lé e ni 350, láti Sakété sí Àjàṣẹ́. A kó àpò 40 lọ. Àjàṣẹ́ ti rí tirẹ̀ gbà. Ó ku àpò 10 ní Sakété.

Lẹ́yìn ìyẹn ni 400, láti Sakété sí Pobẹ̀. A kó àpò 5 lọ. Pobẹ̀ náà ti rí tirẹ̀ gbà. Ó ku àpò 5 ní Sakété.

Títí dé ibí yìí, inú olúkúlùkù ń dùn. Ṣùgbọ́n ta ló kù? Bohikọn nìkan ni, ó sì fẹ́ àpò 35. Níbo la ti máa rí i? Kétu tó súnmọ́ ọn ti ṣófo. Àfi ká kó àpò 5 láti Sakété ní 1500, ká sì kó àpò 30 láti Ìfọ̀nyìn ní 1600. Kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ro owó náà:

- Kétu sí Pobẹ̀: àpò 40 ní 300 jẹ́ 12000
- Sakété sí Àjàṣẹ́: àpò 40 ní 350 jẹ́ 14000
- Sakété sí Pobẹ̀: àpò 5 ní 400 jẹ́ 2000
- Sakété sí Bohikọn: àpò 5 ní 1500 jẹ́ 7500
- Ìfọ̀nyìn sí Bohikọn: àpò 30 ní 1600 jẹ́ 48000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 83500 sẹ́fà. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn dáadáa. Àpò 30 péré ló jẹ ju ìdajì gbogbo owó náà lọ.

Ibo ni owó náà bá lọ?

A mú ọ̀nà 300, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú un, a kó gbogbo ẹrù Kétu tán. Bẹ́ẹ̀ Kétu nìkan ni àká tó lè ran Bohikọn lọ́wọ́ ní owó tó ṣeé san.

Ẹ wo ti Pobẹ̀. Bí Pobẹ̀ kò bá rí ẹrù gbà láti Kétu ní 300, yóò rí i gbà láti Sakété ní 400. 100 sẹ́fà péré ni àfikún lórí àpò kan. Ẹ wá wo ti Bohikọn. Bí Bohikọn kò bá rí ẹrù gbà láti Kétu ní 800, èyí tó tẹ̀ lé e ni Sakété, ní 1500. Àfikún rẹ̀ jẹ́ 700 sẹ́fà lórí àpò kan.

Àwọn méjèèjì ń du ẹrù Kétu. Ẹni tí yóò pàdánù 100 ni a fún, a sì fi ẹni tí yóò pàdánù 700 sílẹ̀. Owó tó kéré fi ara hàn wá, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa ohun tí ẹlòmíràn yóò san lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: owó àbámọ̀

Àfikún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò yìí ni a ó máa pè ní owó àbámọ̀. Owó tí a ó fi kábàámọ̀ ni, bí ọ̀nà tó dára jù bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ tí a sì ní láti gba èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń rí i kò le. Nínú ìlà kan, ẹ wá owó tó kéré jù. Ẹ wá èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ohun tó kù ni owó àbámọ̀ ìlà náà. Ẹ kíyè sí i: owó tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e nìkan là ń lò. Ẹ má ṣe lo owó tó ga jù nínú ìlà.

A ń ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ìlà ìbú àti gbogbo ìlà òró. Ìlà ìbú sọ ohun tí àká kan yóò pàdánù bí kò bá lè kó ẹrù lọ sí ìlú tó rọrùn fún un jù. Ìlà òró sọ ohun tí ìlú kan yóò pàdánù bí kò bá rí ẹrù gbà láti àká tó rọrùn fún un jù. Ẹ gbọ́dọ̀ wo ìhà méjèèjì, nítorí pé àbámọ̀ lè wà níhìn-ín, ó sì lè wà lọ́hùn-ún.

Wílíámù Fógẹ̀lì ni orúkọ ẹni tí a fi ń pe ọ̀nà yìí káàkiri ayé. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀, Náílísì Ráínfẹ́ẹ̀dì, kọ ọ́ sínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1958.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀:

1. Ẹ ṣírò owó àbámọ̀ gbogbo ìlà.
2. Ẹ mú ìlà tí owó àbámọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.
3. Nínú ìlà yẹn, ẹ lọ sí yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù, kí ẹ kó ẹrù tó pọ̀ jù tó lè gba ibẹ̀.
4. Ẹ fa igi lé àká tó bá ti ṣófo tàbí ìlú tó bá ti gba tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ẹrù wa

*Ìgbà kìíní.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà ìbú. Kétu ní 300, 700 àti 800. Ẹ yọ 300 kúrò nínú 700, ó ku 400. Sakété ní 350 àti 400, àbámọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. Ìfọ̀nyìn ní 450 àti 600, àbámọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150.

Ó kan ìlà òró. Pobẹ̀ ní 300 àti 400, àbámọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Àjàṣẹ́ ní 350 àti 450, àbámọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Bohikọn ní 800 àti 1500, àbámọ̀ rẹ̀ jẹ́ 700.

Èwo ló pọ̀ jù? 700 ni, ti Bohikọn. Nínú ìlà Bohikọn, owó tó kéré jù ni 800, láti Kétu. Bohikọn fẹ́ 35, Kétu ní 40. A kó àpò 35 lọ. Bohikọn ti gba tirẹ̀ tán, ẹ fa igi lé e. Ó ku àpò 5 ní Kétu.

*Ìgbà kejì.* Bohikọn kò sí mọ́. A tún gbogbo rẹ̀ ṣírò láìka Bohikọn mọ́ ọn. Kétu jẹ́ 400, Sakété jẹ́ 50, Ìfọ̀nyìn jẹ́ 150, Pobẹ̀ jẹ́ 100, Àjàṣẹ́ jẹ́ 100. Kétu ló pọ̀ jù. Ọ̀nà rẹ̀ tó kéré jù ni Pobẹ̀, ní 300. A kó àpò 5 tó kù lọ síbẹ̀. Kétu ti ṣófo, ẹ fa igi lé e. Pobẹ̀ ṣì ń retí àpò 40.

*Ìgbà kẹta.* Kétu náà kò sí mọ́. Sakété jẹ́ 50, Ìfọ̀nyìn jẹ́ 150. Ẹ wo Pobẹ̀ báyìí: nítorí pé Kétu ti lọ, owó tó kéré jù nínú ìlà rẹ̀ di 400, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 600. Àbámọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní 100, ó ti di 200. Àjàṣẹ́ ṣì wà ní 100. Pobẹ̀ ló pọ̀ jù. A kó àpò 40 láti Sakété sí Pobẹ̀ ní 400. Pobẹ̀ ti gba tirẹ̀ tán. Ó ku àpò 10 ní Sakété.

*Èyí tó kù.* Àjàṣẹ́ nìkan ló kù, ó fẹ́ 40. Sakété ní 10, Ìfọ̀nyìn ní 30. Gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro owó rẹ̀:

- Kétu sí Bohikọn: àpò 35 ní 800 jẹ́ 28000
- Kétu sí Pobẹ̀: àpò 5 ní 300 jẹ́ 1500
- Sakété sí Pobẹ̀: àpò 40 ní 400 jẹ́ 16000
- Sakété sí Àjàṣẹ́: àpò 10 ní 350 jẹ́ 3500
- Ìfọ̀nyìn sí Àjàṣẹ́: àpò 30 ní 450 jẹ́ 13500

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62500 sẹ́fà.

Ọ̀nà kìíní gba 83500. Ọ̀nà kejì gba 62500. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21000 sẹ́fà, lórí àgbàdo kan náà, fún àwọn oníbàárà kan náà.

Àgbà kan béèrè ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ka ìpín yìí sétí ìpàdé. Bàbá kan lè dìde:

— Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni Kétu sí Pobẹ̀. Àpò 5 péré lẹ fi síbẹ̀, ẹ wá ń kó àpò 35 lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba 800. Ṣé a kò fi owó ṣòfò báyìí?

— Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni pé 800 ju 300 lọ. Ṣùgbọ́n Bohikọn gbọ́dọ̀ gba àpò 35 láti ibì kan, a ti ṣèlérí fún wọn. Bí Kétu kò bá gbé e lọ, ta ni yóò gbé e?

— Sakété tàbí Ìfọ̀nyìn ni.

— Èló ni wọn yóò san?

— 1500 ni Sakété, 1600 ni Ìfọ̀nyìn.

— Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èrè 100 tí a bá jẹ ní Pobẹ̀ yóò di gbèsè 700 ní Bohikọn.

— Ó ti yé mi wàyí. Ohun tí a jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni yóò san án.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kò sí ìpín tó dára ju èyí lọ?

Ọ̀nà owó àbámọ̀ máa ń fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Kò ṣèlérí pé ohun tó fún wa ni ó dára jù lọ. Nígbà púpọ̀ ó máa ń súnmọ́ ọn, ìgbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i gan-an, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn àtúnṣe díẹ̀ ṣì máa ń kù. Nítorí náà, ẹ dán ìpín náà wò kí ẹ tó pe awakọ̀.

Ìdánwò náà ni pé kí ẹ mú yàrá tó ṣófo kan, ìyẹn ọ̀nà tí a kò gbé ẹrù gbà. Ẹ bi ara yín pé: bí a bá gbé àpò kan gba ibẹ̀, kí ni yóò yí padà?

Ẹ wo Ìfọ̀nyìn sí Pobẹ̀, tó ṣófo nínú ìpín wa. Bí a bá gbé àpò kan gbà á, a ó san 600. Ṣùgbọ́n Ìfọ̀nyìn kò ní ju àpò 30 lọ, nítorí náà yóò dín àpò kan kù nínú ti Àjàṣẹ́: a ó yọ 450. Àjàṣẹ́ wá dín àpò kan, Sakété ni yóò fún un: a ó fi 350 kún un. Sakété náà yóò dín àpò kan kù nínú ti Pobẹ̀: a ó yọ 400. A ti yí po, a ti padà sí Pobẹ̀. Ohun tí a fi kún un ni 600 àti 350, ó jẹ́ 950. Ohun tí a yọ ni 450 àti 400, ó jẹ́ 850. Owó wa yóò fi 100 pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀.

Yàrá mẹ́ta mìíràn ló tún ṣófo. Bí ẹ bá dán wọn wò bẹ́ẹ̀, Kétu sí Àjàṣẹ́ yóò fi 450 kún owó, Sakété sí Bohikọn yóò fi 600 kún un, Ìfọ̀nyìn sí Bohikọn yóò fi 600 kún un. Kò sí èyí tó ń dín owó kù. Ìgbà náà la mọ̀ pé ìpín 62500 yìí kò ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ wá dán ìpín ọ̀nà kìíní wò bákan náà, níbi tí Kétu sí Bohikọn ti ṣófo. Ẹ fi 800 kún un níbẹ̀, ẹ yọ 1500 ní Sakété sí Bohikọn, ẹ fi 400 kún un ní Sakété sí Pobẹ̀, ẹ yọ 300 ní Kétu sí Pobẹ̀. Ohun tí a fi kún un jẹ́ 1200, ohun tí a yọ jẹ́ 1800. Àpò kọ̀ọ̀kan tí a bá yí padà yóò dín owó kù ní 600. Àmì nìyí pé ìpín náà ní àbùkù. Ẹni tó bá ti ọ̀nà kìíní bẹ̀rẹ̀ lè fi ìyípo báyìí tún un ṣe títí yóò fi dé 62500, ṣùgbọ́n ìyípo kan kò ní tó o. Ẹni tó ti owó àbámọ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní àtúnṣe kankan ṣe níhìn-ín.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé

Àkọ́kọ́ ni kí a má tún owó àbámọ̀ ṣírò. Ẹ rántí Pobẹ̀: 100 ni ní ìgbà kìíní, ó di 200 nígbà tí Kétu ṣófo. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa igi lé ìlà kan, iye tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀ lè ti di àtijọ́. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ lè pa á rẹ́.

Èkejì ni kí ẹrù tí a ní má dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n fẹ́. Bí a bá ní àpò 130 tí wọ́n sì fẹ́ 120, ẹ fi ìlà òró kan kún àtẹ, kí ẹ pè é ní «Ó kù nílé», kí ẹ kọ 10 sí orí rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ 0 ní gbogbo àká, nítorí ohun tó jókòó sílé kò wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe é bí a ti ń ṣe é. Ìlà yìí lè da owó àbámọ̀ rú, nítorí 0 yóò di owó tó kéré jù fún gbogbo àká. Nítorí náà, irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi ìyípo dán wò jù lọ.

Bí owó àbámọ̀ ìlà méjì bá dọ́gba, tí wọ́n sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ mú ìlà tó ní yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù. Bí òjò bá sì ba ọ̀nà kan jẹ́ tí ọkọ̀ kò lè kọjá, ẹ má ṣe fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ẹ kọ owó tó ga gan-an síbẹ̀, bíi 9000, kí àtẹ fúnra rẹ̀ lè sá fún un.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò yìí kò lè rí. Ó gbà pé iye kan náà ni awakọ̀ ń gbà lórí àpò kọ̀ọ̀kan, yálà àpò náà pọ̀ tàbí ó kéré. Bí awakọ̀ bá ń gba owó lórí ìrìn kan, tí kò ka àpò, ìṣirò náà yóò yẹ̀. Nínú ìpín wa, àpò 5 péré ló ń ti Kétu lọ sí Pobẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá yóò gbé àpò 5 ní 300. Bí ó bá kọ̀, ẹ tún owó yàrá yẹn kọ, kí ẹ sì ṣírò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èwo ni kí a lò?

Ọ̀nà owó tó kéré jù yá, kò gba ìṣirò púpọ̀. Ó tó bí àwọn ìlú kò bá du ẹrù àká kan náà, tàbí bí owó ọ̀nà kan kò bá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá wà tí àká kan ṣoṣo súnmọ́, tí àwọn yòókù sì jìnnà sí i, ẹ lo owó àbámọ̀. Ẹ ó rí irú ìlú bẹ́ẹ̀ nínú àtẹ: ìlà rẹ̀ ní owó kékeré kan, gbogbo èyí tó kù sì ga fíofío.

Ẹ dán an wò

Kétu ní àpò 20, Pobẹ̀ ní 30. Àjàṣẹ́ fẹ́ 25, Sakété fẹ́ 25. Owó ọkọ̀ lórí àpò kan nìyí:

| | Àjàṣẹ́ (25) | Sakété (25) |
|---|---|---|
| Kétu (20) | 700 | 500 |
| Pobẹ̀ (30) | 400 | 250 |

1. Ẹ fi ọ̀nà owó tó kéré jù pín in. Èló ni?
2. Kí ni owó àbámọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan? Èwo ló pọ̀ jù?
3. Ẹ fi owó àbámọ̀ pín in. Èló ni?

Ìdáhùn: (1) Pobẹ̀ sí Sakété àpò 25, Pobẹ̀ sí Àjàṣẹ́ 5, Kétu sí Àjàṣẹ́ 20: owó rẹ̀ jẹ́ 22250. (2) Kétu 200, Pobẹ̀ 150, Àjàṣẹ́ 300, Sakété 250. Àjàṣẹ́ ló pọ̀ jù. (3) Pobẹ̀ sí Àjàṣẹ́ àpò 25, Pobẹ̀ sí Sakété 5, Kétu sí Sakété 20: owó rẹ̀ jẹ́ 21250. Ẹ ti fi 1000 sẹ́fà pamọ́.